Fọ́múlà Tó Ń Wo Ipò, Tí Kì Í Wo Orúkọ

Ọ̀pọ̀ akọ̀wé owó ló máa ń fún oṣù kọ̀ọ̀kan ní ṣíìtì tirẹ̀ nínú fáìlì Excel kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká fi ilé búrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ṣíìtì méjìlá wà nínú fáìlì wọn, láti Jan títí dé Dec, bákan náà ni gbogbo wọn sì rí. Òpó A ni orúkọ ìnáwó wà, òpó B ni iye owó wà. Ìlà 5 jẹ́ ti fúláwà, ìlà 6 jẹ́ ti ṣúgà, ìlà 7 jẹ́ ti epo jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ dé ìlà 19. Àròpọ̀ oṣù náà wà ní B20. Nígbà tí ọdún bá parí, ọ̀gá á fẹ́ mọ iye tí epo jẹnẹrétọ̀ gbà láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà.

Èèyàn lè tò ó níkọ̀ọ̀kan, kó kọ Jan!B7+Feb!B7, kó máa rò ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dé Dec. Yóò jáde o, àmọ́ ó gùn, ó sì rọrùn láti fo oṣù kan. Ọ̀nà tó kúrú nìyí:

```
=SUM(Jan:Dec!B7)
```

Láti kọ ọ́, ẹ ṣe ṣíìtì kan tó rí bí àwọn yòókù, ẹ pè é ní Odun, kí ẹ sì gbé e sí iwájú Jan. Nínú B7 rẹ̀, ẹ tẹ =SUM( , ẹ fi máòsì tẹ orúkọ Jan nísàlẹ̀, ẹ di Shift mú, ẹ tẹ Dec, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì B7. Ẹ pa àkámọ́ dé, ẹ tẹ Enter. Tí ẹ bá fa fọ́múlà náà sókè dé ìlà 5 àti sísàlẹ̀ dé ìlà 19, àròpọ̀ ọdún ti gbogbo ìnáwó ti jáde nìyẹn.

Ìlà àti òpó ni fọ́múlà tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń rìn lórí. Èyí fi ọ̀nà kẹta kún un, ìyẹn ni pé ó ń gba inú ṣíìtì kan bọ́ sínú òmíràn, bí ìgbà tí èèyàn bá to ìwé méjìlá lé ara wọn tó sì fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo wọn lójú kan náà. Lotus 1-2-3 Release 3 gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1989, Excel 5 sì gbé e dé ní 1993. AVERAGE, MAX, MIN àti COUNT náà ń gbà á. SUMIF kì í gbà á ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí i nínú Google Sheets rárá.

Ibi tó ti máa ń tan èèyàn jẹ nìyí. Ẹni tó bá ka Jan:Dec á rò pé oṣù méjìlá ni Excel lóye. Excel kò mọ oṣù kankan. Ohun tí fọ́múlà yẹn ń sọ ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ṣíìtì Jan wà, kí ó máa bá títò wọn lọ dé ibi tí Dec wà, kí ó sì mú B7 gbogbo ṣíìtì tó bá pàdé lọ́nà, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà máa jẹ́. Kódà ṣíìtì tí a fi pamọ́ tí ojú kò rí wà lára wọn.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ká ní ₦150,000 ni ilé búrẹ́dì yìí ń ná lórí epo lóṣooṣù láti Jánúárì dé Júùnù, tó wá di ₦180,000 láti Júláì dé Dìsẹ́ńbà. Àròpọ̀ ọdún jẹ́ ₦1,980,000. Akọ̀wé fẹ́ dán nǹkan wò, ó ṣe ẹ̀dà Jun, ẹ̀dà náà sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Jun (2). Lójú ẹsẹ̀, àròpọ̀ ti di ₦2,130,000. Ó ti ka Júùnù lẹ́ẹ̀mejì, Excel kò sì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí pé lójú tirẹ̀ kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Tàbí kí akọ̀wé wà lórí Jul, kó tẹ àmì + nísàlẹ̀ kó lè rí ibi kọ orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ gbèsè. Ẹ̀gbẹ́ ṣíìtì tó wà lójú lọ́wọ́ ni Excel máa ń gbé tuntun sí, nítorí náà àárín Jul àti Aug ni ìwé gbèsè yìí bọ́ sí. Bí ₦65,000 tí oníbàárà kan jẹ bá wá bọ́ sínú B7, gbèsè ti di owó epo, àròpọ̀ á sì fi ₦65,000 lé sí i. Ṣíìtì Odun fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín wọn, torí fọ́múlà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Dec bàjẹ́, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n fi ẹ̀dà Nov ṣe Dec tuntun sí ìparí, wọ́n sì kọ iye Dìsẹ́ńbà sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa Dec àkọ́kọ́ rẹ́, fọ́múlà ti yí ara rẹ̀ padà di Jan:Nov láìwí fún ẹnì kankan. Orúkọ oṣù méjèèjìlá pé nísàlẹ̀, síbẹ̀ ₦1,800,000 ni àròpọ̀ ń sọ.

Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n máa ń fi ṣíìtì òfìfo méjì ṣe ààlà. Ẹ pe ọ̀kan ní Ibere, kó ṣáájú Jan. Ẹ pe èkejì ní Ipari, kó gbẹ̀yìn Dec. Ẹ má kọ ohunkóhun sínú wọn. Fọ́múlà á wá di:

```
=SUM(Ibere:Ipari!B7)
```

Kò sẹ́ni tó nídìí láti pa ṣíìtì òfìfo rẹ́, torí náà ẹ̀rù pípa Dec rẹ́ ti kúrò. Ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì nígbà tí oṣù kan ṣoṣo ṣì wà, kí ẹ máa ti oṣù tuntun sí iwájú Ipari bó bá ti ń dé. Ìwé gbèsè àti ẹ̀dà ìdánwò á dúró sí ẹ̀yìn Ipari. Nígbà tí oṣù méjèèjìlá bá ti pé, Protect Workbook lábẹ́ Review kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣíìtì kún un, kó gbé e kúrò, tàbí kó pa á rẹ́.

Ààlà nìkan kò tó, torí èèyàn ṣì lè ju ṣíìtì sáàárín rẹ̀. Ẹ fi ìdánwò mẹ́ta sí abẹ́ ṣíìtì Odun:

```
=SHEETS(Ibere:Ipari!A1)
=COUNT(Ibere:Ipari!B7)
=SUM(B5:B19)-SUM(Ibere:Ipari!B20)
```

Àkọ́kọ́ ń ka ṣíìtì. Tí ọdún bá pé, 14 ló yẹ kó jẹ́, oṣù méjìlá àti ààlà méjì. Tó bá di 15, àlejò kan ti wọlé. Èkejì ń ka iye oṣù tí nọ́ńbà wà nínú B7 rẹ̀. Tí ṣíìtì bá pé 14 àmọ́ tí èyí sọ pé 11, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti kọ "150,000 náírà" sínú sẹ́ẹ̀lì oṣù kan. Ọ̀rọ̀ ni Excel ka ìyẹn sí, SUM á sì fò ó.

Ẹ̀kẹta wà fún ohun tí méjì àkọ́kọ́ kò lè rí. Bí ẹnì kan bá fi ìlà tuntun kún òkè ìlà 7 nínú Apr nìkan, láti kọ owó ọlọ́dẹ, epo Épìrì á sún sí B8, àròpọ̀ oṣù náà á sì sún sí B21. Ṣíìtì ṣì jẹ́ 14, nọ́ńbà ṣì jẹ́ 12, àmọ́ owó ọlọ́dẹ ti wọ inú owó epo. Ìdánwò kẹta kò ní jẹ́ 0 mọ́, ẹ ó sì mọ̀ pé ó ti yẹ kí ẹ máa ṣí àwọn oṣù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí èyí tí B20 rẹ̀ kì í ṣe àròpọ̀ mọ́.