Ohun Tí Alángbá Ń Wí Lórí Ògiri

Alángbá kò ní ooru tirẹ̀ nínú ara. Oòrùn àti ògiri ló ń fún un ní ooru, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá rí akọ alángbá ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ lè má mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí abo. Orí rẹ̀ tó máa ń pupa fòò yóò ti ṣá, ara rẹ̀ tó máa ń dán ní búlúù yóò sì rí bí eérú. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní àárọ̀, ooru ni gbogbo wọn ń dakùn délẹ̀ wá. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara ògiri tí oòrùn ń pa títí ooru ara wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ènìyàn. Ìgbà náà ni àwọ̀ akọ yóò padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò le, yóò sì gun ibi tó ga jù lórí fẹ́ǹsì náà lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

Ọ̀gbẹ́ni Vernon Harris, tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, fara balẹ̀ wo àwọn alángbá yìí, ó sì ṣe odindi ìwé kan lórí ìgbésí ayé wọn ní ọdún 1964. Ògiri tí a rò pé tiwa ni, alángbá kan ti fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Akọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń jọba níbẹ̀, òun àti abo mélòó kan. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin alángbá tó bá wà nítòsí kì í jẹ́ kí àwọ̀ wọn yọ, kí baálé má baà lé wọn. Bí baálé bá wá mi orí lókè, ohun tó ń wí kò ju pé: mo wà níbí o, ilé yìí ní olówó. Kò lè pariwo bí ẹyẹ, nítorí náà ara rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ojú alángbá sì tètè máa ń rí ohun tó bá mì. Èyí tó dúró jẹ́ẹ́ lè wà níwájú ẹlòmíràn kí ó má rí i, àmọ́ bí orí bá ti lọ sókè sílẹ̀ nínú oòrùn, akọ tó wà lórí ògiri kejì ti gbọ́.

Mímì orí lásán yàtọ̀ sí fífi ẹsẹ̀ iwájú ti ara sókè, èyí tí àwọn sójà ń pè ní púṣọ́ọ̀pù. Abo àti ọmọ alángbá pàápàá máa ń mi orí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí akọ àjèjì gun fẹ́ǹsì náà pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ ní gbangba. Baálé yóò yí ẹ̀gbẹ́ ara sí i, yóò fún ẹ̀gbẹ́ náà pọ̀ kí ó lè rí gbàgbàdà, yóò sọ awọ ọ̀fun rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì máa gbé gbogbo iwájú ara sókè, sílẹ̀, sókè, sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni pé kí àlejò wò ó dáadáa kó tó kù gììrì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀: àwọ̀ àlejò yóò ṣá lójú ẹsẹ̀, yóò sì sá. Bí òun náà bá ń ti ara rẹ̀ sókè padà, ìjà dé nìyẹn. Wọn á máa yí ara wọn po, wọn á máa fi ìrù na ara wọn ní orí àti ní ìhà. Ìrù tó bù lára ọ̀pọ̀ àgbà akọ, inú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé púṣọ́ọ̀pù yìí lérè fún àwọn méjèèjì. Agbára díẹ̀ ló ń gbà, ó sì ń gba ìrù là.

Akọ náà a máa mi orí sí abo tó bá fẹ́ gùn. Abo tó bá gbà yóò dúró, yóò gbé ìrù sókè.

Kí ẹ má ṣe ka gbogbo gbígbéra sókè sí ọ̀rọ̀ o. Ní ọ̀sán gangan, tí sìmẹ́ńtì bá gbóná kọjá ààlà, alángbá lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ikùn rẹ̀ má baà jó. Èyí kì í lọ sókè sílẹ̀, ó kàn dúró gangan ni. Láìpẹ́ yóò wábi òjìji sá sí. Bákan náà, ní ọjọ́ tí kùrukùru bo oòrùn, ẹ lè rìn yí ilé ká kí ẹ má rí èyí tó mi orí dáadáa, nítorí ara tó tutù kò lè jà, àkọlù sì lè tẹ̀lé ìpèníjà.

Ẹ̀yin náà á ti rí i pé bí ẹ bá lé alángbá, yóò sáré díẹ̀, yóò dúró, yóò yíjú sí yín, yóò sì mi orí. Onímọ̀ kan, Manuel Leal, ṣe ìwádìí tó lè là wá lóye lórí èyí ní Pueto Riko, ní ara ẹ̀yà alángbá kékeré kan tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ejò bá yọ sí wọn, àwọn alángbá náà á máa ṣe púṣọ́ọ̀pù sí ejò náà. Leal wá mú wọn sáré títí ó fi rẹ̀ wọ́n, kí ó lè mọ bí ẹ̀mí olúkúlùkù ṣe gùn tó. Ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1999 fi hàn pé àwọn tó ń ṣe púṣọ́ọ̀pù pẹ́ jù níwájú ejò ni wọ́n sáré pẹ́ jù. Ejò tó rí i ti gbọ́ pé a ti rí òun, àti pé eré tí òun yóò sá lé e yóò gùn.