Kí Ló Dé Tí Owó Báǹkì Kò Bá Ìwé Ọjà Mu?

Ẹni tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóde òní kì í sábà fọwọ́ kan owó oníbàárà fúnra rẹ̀. Oníbàárà á tẹ nọ́ńbà káàdì sójú ìwé kan, tàbí kó fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí ojú ìwé náà fi hàn án, owó náà á sì kọ́kọ́ balẹ̀ sọ́wọ́ alárinà. Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2015, jẹ́ ọ̀kan nínú irú alárinà bẹ́ẹ̀. Flutterwave náà wà níbẹ̀. Alárinà á kó gbogbo owó tó wọlé lọ́jọ́ kan jọ, á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ kúrò, á wá fi ìyókù ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọlọ́jà lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Bí ẹni mẹ́wàá bá rajà, alẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ọlọ́jà máa rí, iye tó sì wà nínú alẹ́ẹ̀tì yẹn kì í bá èyíkéyìí mu nínú ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń ṣe ni kí wọ́n ro gbogbo ohun tí wọ́n tà pọ̀, kí wọ́n fojú díwọ̀n owó iṣẹ́ alárinà, kí wọ́n wá wò ó bóyá ohun tó ṣẹ́ kù sún mọ́ alẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti sún mọ́ ọn, ó parí nìyẹn. "Ṣáájì ló jẹ ìyókù," wọ́n á ní. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí léwu ju kéèyàn má ṣírò rárá lọ, torí ẹni tí kò ṣírò mọ̀ pé òun ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọlọ́jà kan tó ń ta àdìrẹ l'Abẹ́òkúta ní ọdún 2024. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, ìwé rẹ̀ fi hàn pé ẹni mẹ́rin rajà: ẹnì kan ra fìlà ní ₦2,000, ẹnì kejì ra ìró ní ₦18,000, ẹnì kẹta ra agbádá ní ₦45,000, ẹnì kẹrin sì ra aṣọ ẹbí fún àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ní ₦160,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦225,000. Ó mọ̀ pé ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti ₦100 ni alárinà ń gbà, ó yọ ₦3,375 àti ₦100 kúrò, ó sì ń retí ₦221,525. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, alẹ́ẹ̀tì dé: ₦221,855. Owó náà tilẹ̀ fi ₦330 lé. Ó rẹ́rìn-ín, ó pa ìwé dé.

Kò mọ̀ pé àṣìṣe ńlá méjì ló fara pamọ́ sínú owó yẹn, tí ọ̀kan wúwo tó èkejì débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ara wọn.

Ká kọ́kọ́ mú owó iṣẹ́. Orí ọjà kọ̀ọ̀kan ni alárinà ti ń yọ ọ́, kì í ṣe lórí àròpọ̀ ọjọ́. Iye tí Paystack kéde fún káàdì Nàìjíríà nígbà náà ni ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100, àmọ́ wọn kì í gba ₦100 náà lórí ọjà tí kò tó ₦2,500, bó sì ti wù kí ọjà wọ́n tó, owó iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọjá ₦2,000. Nítorí náà ₦30 péré ni fìlà san. Ìró san ₦370, agbádá san ₦775. Aṣọ ẹbí ìbá san ₦2,500, ṣùgbọ́n òté mú un dúró sí ₦2,000. Bá a bá ro ó pọ̀, ó jẹ́ ₦3,175, kì í ṣe ₦3,475 tí ọlọ́jà wa yọ. Owó tó yẹ kó wọlé lórí ọjà mẹ́rin yẹn ni ₦221,825. Ẹni tó bá ń lo Excel tàbí irú rẹ̀ lè kọ iye ọjà sí òpó B, kó sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣe ìyókù:

```
=IF(B2<2500, B2*1.5%, MIN(B2*1.5%+100, 2000))
```

Káàdì tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òkèèrè ní iye tirẹ̀ tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ya ìyẹn sọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣirò yìí á máa tàn án.

Ní báyìí, ₦221,855 ló wọlé, ₦221,825 la retí. Ó ku ₦30. Ó yẹ kí ₦30 yìí máa yọ èèyàn lẹ́nu gan-an, torí pé owó iṣẹ́ tá a ti ṣírò dáadáa kì í ṣẹ́ kù, kì í sì í lé. Bí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí a kò tíì rí.

Ọ̀nà tá a fi ń rí i ni rẹ́fáráǹsì. Ìgbàkígbà tí oníbàárà bá gbìyànjú láti sanwó, alárinà máa ń fún ìgbìyànjú náà ní àmì tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò sí irú rẹ̀ mìíràn. Ọlọ́jà náà ní nọ́ńbà tó fi ń mọ ọjà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá béèrè fún. Àṣírí iṣẹ́ yìí kò ju pé kí méjèèjì wà lórí ìlà kan náà nínú ìwé ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà, ó máa wọ ojú ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ alárinà, ó máa ṣí owó tí wọ́n san fún un l'Ọ́jọ́bọ̀ yẹn, ó sì máa gba àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ọjà oṣù o, ti owó yẹn gan-an ni. Yóò wá máa mú rẹ́fáráǹsì lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ̀tún tòsì.

Nígbà tí ọlọ́jà wa ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà mẹ́rin bára mu. Ìlà méjì ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ alárinà tí kò ní ẹnìkejì nínú ìwé tirẹ̀.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ₦18,000, iye kan náà bíi ti ìró, orúkọ oníbàárà kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré láàárín wọn, ṣùgbọ́n rẹ́fáráǹsì yàtọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Oníbàárà sanwó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí ojú ìwé tó sọ pé ó ti wọlé, ó rò pé kò lọ, ó tún un san. Owó méjèèjì ló wọlé. Ìwé ọlọ́jà kò sì mọ̀ ju ìró kan lọ, torí ìró kan ni wọ́n béèrè. Lẹ́yìn tí alárinà yọ ₦370 tirẹ̀, ₦17,630 ló wọ àkáǹtì, tí kì í ṣe ti ọlọ́jà rárá.

Ìlà kejì ní àmì ìyọkúrò níwájú: ₦17,600. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, oníbàárà kan dá aṣọ padà pé kò bá òun mu, ọmọ tó ń bá wọn dúró ní ṣọ́ọ̀bù sì tẹ bọ́tìnì ìdápadà owó lórí fóònù. Alárinà kò bu owó yẹn láti inú afẹ́fẹ́, inú owó ọjọ́ mìíràn tó kàn ló ti yọ ọ́. Ọmọ náà kò kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí náà aṣọ yẹn ṣì wà nínú iye ọjà ọ̀sẹ̀ tó kọjá bí ẹni pé wọ́n tà á.

Mú ₦221,825, fi ₦17,630 kún un, yọ ₦17,600: ₦221,855 gẹ́lẹ́. Ọgbọ̀n náírà tó lé ti rí ìdí rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìdápadà owó tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Bí owó bá padà sọ́dọ̀ oníbàárà, gbogbo ₦17,600 ló ń padà, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tí alárinà ti gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í sábà bá a padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ta aṣọ yẹn, ₦17,236 ló wọlé. ₦17,600 ló jáde. Ọlọ́jà pàdánù ₦364 lórí ọjà tí kò tà, kò sì sẹ́ni tó máa fi alẹ́ẹ̀tì sọ fún un. Bákan náà ni yóò rí nígbà tó bá dá ₦18,000 ẹni tó san lẹ́ẹ̀mejì padà. Kó tètè dá a padà náà sàn o. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà á rí i nínú àkọsílẹ̀ báǹkì rẹ̀ lópin oṣù, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ kú ọjà mà, ó dà bíi pé mo san lẹ́ẹ̀mejì" á sì di ẹjọ́ níwájú báǹkì, níbi tí ọlọ́jà ti máa ní láti mú ẹ̀rí wá.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà: ìlà tó wà nínú ìwé ọlọ́jà tí kò sí lọ́dọ̀ alárinà. Ẹ má ṣe fi ọjà náà ránṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé owó náà kò tíì dé, ó sì lè jẹ́ pé àwòrán alẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Lẹ́yìn tí gbogbo ìlà ti rí ẹnìkejì, báǹkì lè tún da nǹkan rú. Lọ́dún 2024 yẹn, ₦50 ni owó ìjọba tí báǹkì ń yọ lọ́wọ́ ẹni tí ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wọ àkáǹtì rẹ̀, látàrí òfin ìṣúná ọdún 2020. Alẹ́ẹ̀tì sọ ₦221,855, àmọ́ ₦221,805 ló kù nílẹ̀. Báǹkì ló yọ ₦50 yìí, ẹ má wá a lọ sọ́dọ̀ alárinà.

Ọjọ́ náà máa ń ṣini lọ́nà. Ọjà tí wọ́n san l'Ọ́jọ́ Ẹtì lè má wọ báǹkì títí di Ọjọ́ Ajé, bí ìsinmi ọdún bá sì bọ́ sí i, á tún sún síwájú. Bí oṣù bá parí láàárín, ọjà á wà nínú oṣù kan, owó á wà nínú òmíràn. Àwọn àkọsílẹ̀ kan sì wà tí wọ́n fi aago Gíríníìṣì kọ, tó fi wákàtí kan rẹ̀yìn tiwa: owó tí wọ́n san ní aago méjìlá ààbọ̀ òru á hàn bí ti aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ àná. Bí ẹ bá rí lẹ́tà `Z` lẹ́yìn aago, ohun tó ń sọ nìyẹn. Fún ìdí yìí ni mo ṣe ń sọ pé rẹ́fáráǹsì ni kí ẹ fi máa mú wọn bára mu, kì í ṣe ọjọ́, kì í sì í ṣe iye owó.

Àwọn kan ti sọ pé àwọn á kúkú bu owó iṣẹ́ lé oníbàárà lórí kí ọ̀rọ̀ lè tán. Kò tán. Ẹni tó fẹ́ ₦10,000 gẹ́lẹ́, tó wá fi ₦150 àti ₦100 kún un, yóò gba ₦9,996.25, torí orí ₦10,250 ni alárinà ti ń ka ìdá 1.5 tirẹ̀, kì í ṣe orí ₦10,000. Ṣe ni kó fi ₦100 kún ₦10,000, kó sì pín in sí 0.985. Ìyẹn jẹ́ ₦10,253.81.

Nínú ìwé ọdún, ₦225,000 ni kí ọlọ́jà àdìrẹ wa kọ bí ohun tó tà lọ́jọ́ yẹn, kó kọ ₦3,175 àti ₦370 ti owó tí wọ́n san lẹ́ẹ̀mejì sábẹ́ ìnáwó, kó sì kọ ₦18,000 sábẹ́ gbèsè títí tí yóò fi dá a padà. Ẹni tó bá ń kọ iye alẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí iye ọjà kò ní mọ iye tí alárinà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè fi èyí dúnàádúrà nígbà tí ọjà rẹ̀ bá tóbi tó ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ dín in kù fún un.