Ìbejì lọ́jọ́ àkọ́kọ́: bí rẹ́ǹtì ṣe ń di gbèsè nínú ìwé iléeṣẹ́

Nígbà tí MTN Nàìjíríà gbé ìṣirò owó ọdún 2023 jáde, iye kan ṣoṣo làwọn èèyàn ń pín kiri lórí fóònù: àdánù ₦137 bílíọ̀nù. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ò ṣòro láti rò: gbogbo dátà tá à ń rà yìí ńkọ́? Kì í ṣe pé oníbàárà sá lọ o. Owó tó wọlé fún wọn lọ́dún náà ju ti ọdún tó ṣáájú lọ dáadáa. Ohun tó gbé wọn ṣubú ni pàṣípààrọ̀ owó, torí àwọn gbèsè tó so mọ́ owó ilẹ̀ òkèèrè. Àdánù ìyẹn nìkan tó ₦740 bílíọ̀nù. Nígbà tọ́dún fi máa parí, gbèsè wọn ti ju ohun-ìní wọn lọ. Ohun tó yẹ kó kù fáwọn onípìn-ín ti wọ ìsàlẹ̀ òdo pẹ̀lú nǹkan bíi ₦41 bílíọ̀nù.

Ibi tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti òpó másìtì. Púpọ̀ nínú àwọn òpó tí MTN ń lò kì í ṣe tiwọn. Ṣe ni wọ́n ń háyà wọn lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ bíi IHS, bí èmi àti ìwọ ṣe ń háyà ilé, apá kan nínú owó háyà náà sì so mọ́ iye dọ́là. Ìbéèrè mi ni pé: rẹ́ǹtì ọdún 2026 tàbí 2027, tí kò tíì tó àsìkò àtisan, báwo ló ṣe lè dá àdánù sílẹ̀ nínú ìwé ọdún 2023?

Ká ní ọdún 2018 la wà ni, irú rẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ò ní hàn nínú gbèsè rárá. Lábẹ́ òfin ìṣirò àtijọ́, IAS 17, bí háyà bá ti jẹ́ háyà lásán, tí kì í ṣe ìrajà àsanwẹ́wẹ́ tí wọ́n fi orúkọ háyà bò, ohun tílé iṣẹ́ náà san lọ́dún yẹn nìkan ló máa wọ ìwé gẹ́gẹ́ bí ìnáwó. Èyí tó kù tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn máa san fún ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yìn ìwé lọ́hùn-ún lẹ máa ti rí i, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí kóró ata. Sir David Tweedie, tó fìgbà kan jẹ́ alága ìgbìmọ̀ IASB tó ń ṣe òfin ìṣirò yìí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, máa ń fi ṣàwàdà pé ó wu òun kóun wọ bàálù kan kóun tó kú, kí bàálù ọ̀hún sì jẹ́ èyí tó wà nínú ìwé ohun-ìní àti gbèsè iléeṣẹ́ tó ń fò ó. Háyà ni wọ́n ń háyà bàálù, kò sì sí èyí tó ń hàn.

Oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n gbé òfin tuntun jáde, IFRS 16, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2019. Àwọn iléeṣẹ́ tí ìpín wọn wà ní ọjà ìpín owó nílẹ̀ wa ti ń lo àwọn òfin IFRS láti ọdún 2012, torí náà kò sí bí tuntun yìí ṣe lè yọ wọ́n sílẹ̀.

Ohun tí òfin náà sọ kò le. Bó o bá háyà nǹkan kan, o ti gba nǹkan kan, o sì ti jẹ gbèsè kan. Ohun tó o gbà kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ló ṣì ni ìyẹn. Ẹ̀tọ́ láti lò ó fún iye ọdún tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí lo gbà, ìyẹn ló sì máa wọ ìhà ohun-ìní. Owó tó o ṣèlérí láti san ló máa wọ ìhà gbèsè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iye kan náà làwọn méjèèjì, bíi Táyé àti Kẹ́hìndé.

Mo kàwé òfin, torí náà apá tí mo fẹ́ràn ni pé orúkọ tẹ́ ẹ kọ sórí àdéhùn ò já mọ́ nǹkan kan níbí. Lọ́yà lè pè é ní ìwé àṣẹ ìwọlé, ó lè pè é ní àdéhùn ìpèsè iṣẹ́. Ìbéèrè méjì ni akáǹtáǹtì máa bi í: ṣé nǹkan kan pàtó ló wà nínú àdéhùn yìí, àti pé ta ló ń pinnu bí wọ́n ṣe máa lò ó, tó sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀? Bó o bá gba àyè nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Àpápá, tí onílé lè kó ẹrù rẹ lọ sí kọ̀rọ̀ mìíràn nígbàkigbà tó bá rí i pé ó dáa fún òun, háyà kọ́ nìyẹn, kò sì sí gbèsè kankan láti kọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ yàrá kẹta lápá òsì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, háyà ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sókè ìwé.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní iléeṣẹ́ kan háyà ṣọ́ọ̀bù nínú mọ́ọ̀lù ní Ìkẹjà fún ọdún mẹ́ta, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. $10,000 ni wọ́n á máa san níparí ọdún kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $30,000, ṣùgbọ́n $30,000 kọ́ ni wọ́n máa kọ sínú ìwé. Owó tó o máa san lọ́dún mẹ́ta òní kò wúwo tó èyí tó o máa san lọ́la. Torí náà wọ́n á yọ èlé kúrò nínú rẹ̀, ní iye tí báńkì ì bá gbà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá yá irú owó bẹ́ẹ̀. Ká pè é ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Owó àkọ́kọ́ máa di $9,091, ìkejì $8,264, ìkẹta $7,513. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi $24,869. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan lójú ìjọba, torí náà wọ́n á kọ ₦11.44 mílíọ̀nù sí ìhà ohun-ìní, wọ́n á sì kọ iye kan náà sí ìhà gbèsè.

Láti ọjọ́ kejì ni ìbejì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ohun-ìní náà ń dínkù lọ́gbọọgba, ìdá mẹ́ta kan lọ́dún, torí pé ọdún tí ẹ̀tọ́ náà kù ń dínkù. Gbèsè ní tirẹ̀ ń wú, èlé ń gorí rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń fọn nígbà tí wọ́n bá sanwó. Ká ní náírà ò kúrò lójú kan, níparí ọdún àkọ́kọ́ gbèsè á ku $17,355, ìyẹn ₦7.98 mílíọ̀nù, ohun-ìní á sì ku ₦7.63 mílíọ̀nù. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, gbogbo háyà ló sì ń ní irú rẹ̀, torí pé èlé máa ń wúwo níbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n náírà ò dúró lójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, báńkì àpapọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tọ́dún sì fi máa parí, dọ́là ti wà ní nǹkan bíi ₦900. Òfin ìṣirò ní gbèsè tó jẹ́ ti dọ́là, kí wọ́n fi iye dọ́là ọjọ́ ìparí ọdún tún un ṣírò. $17,355 yẹn wá di ₦15.62 mílíọ̀nù. Ohun-ìní ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe owó, ẹ̀tọ́ ni, iye dọ́là ọjọ́ tí wọ́n gbà á ni wọ́n fi kọ ọ́, ibẹ̀ náà ló sì máa wà: ₦7.63 mílíọ̀nù. Ṣọ́ọ̀bù kan náà, àdéhùn kan náà, iléeṣẹ́ náà ò jẹ lánlọ́ọ̀dù ní gbèsè kan tó ti pẹ́, síbẹ̀ ihò ₦8 mílíọ̀nù ti wà nínú ìwé. Ẹ wá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó másìtì rọ́pò ṣọ́ọ̀bù kan yẹn.

Àwọn kan ń sọ pé àdánù orí ìwé lásán ni, pé kò sówó tó jáde. Mi ò gbà. Rẹ́ǹtì tó kàn ṣì jẹ́ $10,000. Iléeṣẹ́ tó ń ta ọjà ní náírà, tó ti rò ó sí ₦4.6 mílíọ̀nù, ₦9 mílíọ̀nù ló máa wá báyìí, wọ́n sì ti tọwọ́ bọ̀wé. Ibi tí mo ti gbà pé òfin náà le jù ni tẹ́ni tó ń tajà ní dọ́là: owó tó ń wọlé fún un ti gbéra pẹ̀lú gbèsè, àmọ́ ìwé ò ní fi hàn títí dìgbà tó bá tà á.

Ẹni tó mọ Èkó á ti máa bi mí pé, ta ló ń san rẹ́ǹtì lẹ́yìn ọdún? Òótọ́ ni. Bí lánlọ́ọ̀dù bá gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ kan kó tó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, tí àdéhùn náà sì jẹ́ ọdún méjì péré, Táyé nìkan ló dé, kò sí Kẹ́hìndé. Ẹ̀tọ́ ìlò wà nínú ìwé, gbèsè ò sí, torí pé kò sóhun tó kù láti san. Ìyà tó ń jẹ èèyàn láti kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ, ibòmíì ló máa hàn sí, bóyá nínú owó tó yá ní báńkì.

Ibi táwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ń gbà ni ti ọdún kan. Òfin gbà pé kí èèyàn yọ háyà tí kò ju oṣù méjìlá lọ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ á wá máa bá lánlọ́ọ̀dù ṣe àdéhùn ọdún kan, ọdún kan, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe, wọ́n á ní àwọn ò ní gbèsè háyà. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tẹ́ táìsì, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i, wọ́n ti gbẹ́ kànga dẹ̀rọ sẹ́yìnkùlé. Ta ló máa ná irú owó yẹn sílé tó fẹ́ kó kúrò lọ́dún tó ń bọ̀? Ọ̀dítọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní wo oṣù méjìlá tó wà nínú ìwé nìkan, á wo táìsì náà. Bó bá ti dájú pé wọ́n máa tún àdéhùn ṣe, àwọn ọdún ọ̀hún gbọ́dọ̀ wọnú ìṣirò. Bẹ́ ẹ bá ń ka ìwé iléeṣẹ́ kan tó ní ẹ̀ka káàkiri ìgboro, tí gbèsè háyà rẹ̀ ò sì tó nǹkan, tí owó háyà kúkúrú tó ná lọ́dún náà wá pọ̀, ẹ fura.

Ní ti MTN, ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 wọ́n kéde pé àwọn àti IHS ti tún àdéhùn òpó náà ṣe. Wọ́n dín apá tó so mọ́ dọ́là kù, wọ́n so apá kan mọ́ iye dísù tí jẹnẹrétọ̀ àwọn òpó náà ń mu, wọ́n sì sún ìparí rẹ̀ sí oṣù kejìlá ọdún 2032. Bí àdéhùn bá yí báyìí, wọ́n ní láti tún gbogbo owó tó kù ṣírò, pẹ̀lú èlé ọjọ́ tí wọ́n yí i. Ọdún tó gùn sí i ń fi kún gbèsè, dọ́là tó dínkù ń dín ewu rẹ̀ kù, àtúnṣe tó bá sì bá gbèsè náà ni wọ́n máa ṣe sí ẹ̀tọ́ ìlò. Ohun tí mo fẹ́ máa rí lójú ewé àkọ́kọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀, dípò kí n máa wá a kiri nínú lẹ́tà kéékèèké, ni èló nínú gbèsè háyà náà ló ṣì ń gbọ́ràn sí dọ́là lẹ́nu.