Ìwé Ìdágbére Nọ́ọ̀sì Tó Ń Padà Sílé Ẹ̀kọ́

Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ láti lọ kàwé sí i kò bá ẹnikẹ́ni jà, síbẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ lè dá ìbínú sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tó mú un wá ló sábà máa ń fà á. Mátíróòn ló ń ṣe ròsítà, oṣooṣù ló sì máa ń ṣe é. Bí orúkọ èèyàn bá ti wọ ròsítà, tí wọ́n ti pín iṣẹ́ alẹ́ fún un, tó wá ní òun ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bá a ṣe alẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ọ̀sì kan tó ti lo ọdún márùn-ún ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn aládàáni kan n'Íbàdàn. Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti ní ẹ̀ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì láti ọdún 1965, ti gbà á wọlé fún oyè másítà. Kó tó mú bírò, ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ wà. Oṣù kan ni tirẹ̀. (Ẹni tó bá wà nílé ìwòsàn ìjọba, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n lè fún un láyè láti lọ kàwé kó sì padà wá, ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kò ṣeé gbà padà bó ṣe wuni.) Lẹ́tà rẹ̀ lè lọ báyìí:

1 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Sí Dókítà Àgbà,
Nípasẹ̀ Mátíróòn.

Ọ̀gá mi,

ÌKỌ̀WÉ FIṢẸ́ SÍLẸ̀

Mo fi ìwé yìí sọ fún yín pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé sílẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, 2025 ni n óò ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Mo ti rí àyè wọ Yunifásítì Ìbàdàn láti kàwé gboyè másítà nínú ìmọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ẹ ṣeun fún ọdún márùn-ún tí mo lò lọ́dọ̀ yín. Wọ́ọ̀dù yìí ni mo ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tí gìrì mú, àti bí a ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí àyà rẹ̀ ń já.

Kí n tó lọ, n óò fa iṣẹ́ mi lé ẹni tí Mátíróòn bá yàn lọ́wọ́. Líìfù ọjọ́ mẹ́fà ló kù fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí n lò ó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́.

Ìyẹn tó. Níwọ̀n bó ti mú un wá lọ́jọ́ kìíní oṣù, yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ròsítà oṣù Kẹsàn-án yàn fún un, Mátíróòn kò sì ní kọ orúkọ rẹ̀ sí ti oṣù Kẹwàá. Ìdí tí “Nípasẹ̀” fi ṣe pàtàkì nìyẹn: kò yẹ kí Mátíróòn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ìdúpẹ́ rẹ̀ náà mú ohun kan pàtó dání, ìyẹn ló fi yàtọ̀ sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè dà kọ. Kò mẹ́nu kan owó oṣù tó pẹ́ tàbí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Bó bá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó lọ jókòó sọ ọ́, torí inú fáìlì ni lẹ́tà ń gbé, fáìlì yẹn ni wọn yóò sì ṣí nígbà tí ẹnìkan bá béèrè irú ẹni tó jẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí òun fún àjọ ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà ọmọlúàbí lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn gidigidi lórí rẹ̀, ìbínú wọn sì yé mi, torí ó fi ọ̀nà ẹni sọ́wọ́ ọ̀gá.

Nígbà tó bá ń fa iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, oògùn tí wọ́n ń tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ni kó tọ́jú jù. Kí òun àti ẹni tó ń gbà á jọ kà á, kí wọ́n fi í wé ìwé àkọsílẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú. Bí ìgò kan bá sọnù lẹ́yìn tó lọ, ìbuwọ́lù yẹn ni yóò gbà á.

Ẹ̀dà méjì ni kó tẹ̀. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ ọ̀kan, kó sì mú un délé. Nínú ẹjọ́ WAEC àti Oshionebo ní ọdún 2006, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ bá gba ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò di ìgbà tí ọ̀gá bá fèsì pé òun gbà. Nítorí náà, bí ọ́fíìsì bá kọ̀ láti lu òǹtẹ̀, kó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lórí ímeèlì lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó tún fi òmíràn rán ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìwé kiri, kó sì tọ́jú rìsíìtì.