Ògiri Tí Gìtá Mọ

Olórin ṣúgéèsì ní Ìlú Ọba máa ń to ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ síwájú ara rẹ̀. Ọ̀kan ń sọ ohùn gìtá di líle, òmíràn ń fi gbohùngbohùn kún un. Títò wọn ṣe pàtàkì gan-an. Bí gbohùngbohùn bá ṣáájú, ẹ̀rọ líle yóò gbé ìró tó yẹ kó kú lọ sókè, gbogbo rẹ̀ á sì di ògiri kan. Kevin Shields ti ẹgbẹ́ My Bloody Valentine lo gbohùngbohùn àyísẹ́yìn, èyí tó ń wú dípò kó rọlẹ̀, ó sì ń mi ọ̀pá ara gìtá bó ṣe ń ta okùn. Nínú àwo Loveless ti ọdún 1991, ohùn Bilinda Butcher wà lábẹ́ ògiri náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yéni tán, ṣùgbọ́n adùn orin rẹ̀ kì í sọnù.