Owó Ìsinmi Tó Ṣẹ́kù: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀ fún Ẹni Tó Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀

Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láìtíì lo gbogbo ìsinmi ọdún rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní líìfù, lè ní owó láti gbà lórí ìyókù. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ ní Nàìjíríà nìyí.

Ohun tí òfin sọ

Abala 18 nínú Òfin Iṣẹ́ (Orí L1, àkójọ òfin 2004) ní òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 láìdáwọ́dúró gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní kíkún. Nígbà tó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi owó rọ́pò ìsinmi yìí. Ìgbà tó bá ń lọ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Bó bá ti lo oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà tí ìsinmi kẹ́yìn ti tọ́ sí i, wọ́n á wo iye oṣù yẹn nínú oṣù 12, wọ́n á sì san ìdá kan náà nínú owó ọ̀sẹ̀ kan fún un. Bí kò bá tó oṣù 6, òfin kò fún un ní nǹkan kan. Abala 19 fi kún un pé owó iṣẹ́ gan-an nìkan ni a ó fi ṣírò, láìka owó àfikún wákàtí àti àjẹmọ́nú mìíràn.

Àmọ́ òfin yìí kò kan gbogbo ènìyàn. Abala 91 yọ àwọn alákòóso àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe tàbí iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe kúrò. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni irú wọn yóò gbára lé. Òṣìṣẹ́ tí òfin kàn náà lè gba ju èyí lọ bí lẹ́tà rẹ̀ bá fún un ní ọjọ́ tó pọ̀ ju 6.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Ìkẹjà ń gba 120,000 náírà lóṣù láìka owó ilé àti owó ọkọ̀. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ló ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà rẹ̀ fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ 18 lọ́dún, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ó sì ní wọn yóò san owó èyí tó bá ṣẹ́kù fún ẹni tó bá ń lọ. Ó kọ̀wé ní ìparí oṣù keje, ṣùgbọ́n ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ó ti lo ọjọ́ 5.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ ni a ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tó kọ̀wé:

- Ọjọ́ tó tọ́ sí i: 18 × 8 ÷ 12 = 12
- Ọjọ́ tó ṣẹ́kù: 12 − 5 = 7
- Owó ọdún kan: 120,000 × 12 = 1,440,000
- Ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dún: 52 × 5 = 260
- Owó ọjọ́ kan: 1,440,000 ÷ 260 = 5,538.46
- Owó ìsinmi: 1,440,000 ÷ 260 × 7 = 38,769.23 náírà

Bí wọ́n bá fi ọjọ́ tó kọ̀wé ṣe òpin, oṣù 7 ni wọn yóò kà, ọjọ́ 10.5 ni yóò sì tọ́ sí i dípò 12. Ọjọ́ kan àbọ̀ ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá lo ìsinmi díẹ̀ láàárín oṣù tó fi ṣe ìkìlọ̀ pé òun ń lọ, a ó yọ ìyẹn náà.

Bí lẹ́tà rẹ̀ kò bá sọ nǹkan kan, tó sì jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ìsinmi kẹ́yìn tọ́ sí i, ti òfin ni a ó lò. Owó ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ 1,440,000 ÷ 52, ìyẹn 27,692.31 náírà. Ìdá 8 nínú 12 rẹ̀ jẹ́ 18,461.54 náírà.

Ibi tí ìṣirò ti ń wọ́

Àwọn kan máa ń pín owó oṣù sí ọ̀nà 30. Nínú àpẹẹrẹ wa, owó ọjọ́ kan á di 4,000, owó ìsinmi á sì já sí 28,000 náírà. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ọjọ́ 30 ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni ìsinmi ọjọ́ 18 náà. Bí a bá ṣe ka ìsinmi ni ká ṣe pín owó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀ yóò pín owó ọdún kan sí 312. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ka òpin ọ̀sẹ̀ mọ́ ìsinmi yóò pín in sí 365.

Ọ̀nà àyẹ̀wò kan wà: ẹ fi iye ọjọ́ tí wọ́n ń kà mọ́ ìsinmi nínú ọ̀sẹ̀ kan sọ owó ọjọ́ kan di púpọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá owó ọ̀sẹ̀ kan mu. 5,538.46 lọ́nà 5 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 27,692.31 gẹ́lẹ́, àmọ́ 4,000 lọ́nà 5 kò ju 20,000 lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ fún yín: ọjọ́ tí wọ́n kà, owó tí wọ́n fi ṣírò, àti iye ọ̀nà tí wọ́n pín in sí.