Ìlà Méjì, Ìpíndọ́gba Kan: Bí A Ṣe Ń Ka Àtẹ Ìdáhùn Olópòó Márùn-ún

Ẹni tó bá ti kọ iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì Nàìjíríà kò lè ṣàì mọ Orí Kẹrin. Ibẹ̀ ni àtẹ ìdáhùn sábà máa ń wà: gbólóhùn lápá òsì, òpó márùn-ún lápá ọ̀tún, láti "mo fara mọ́ ọn gan-an" dé "mi ò fara mọ́ ọn rárá", tí "mi ò lè sọ" sì wà láàárín. Àpótí kan ṣoṣo ni olùdáhùn ń fàmì sí lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Rensis Likert ló gbé ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 1932, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó ṣe ní Yunifásítì Columbia, ní ìlú Niu Yọ́ọ̀kì.

Bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kà á kò le. Òpó àkọ́kọ́ gba 5, èyí tó tẹ̀ lé e gba 4, títí tó fi kan 1. Wọn a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn a fi iye olùdáhùn pín in. Tí ìpíndọ́gba bá tó 3.0, wọn a kọ ọ́ pé àwọn èèyàn fara mọ́ gbólóhùn náà. Wọ́n rí 3.0 yìí nípa ríro 5, 4, 3, 2 àti 1 pọ̀, kí wọ́n tó fi 5 pín in. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé òǹkà yìí kì í sọ ibi tí àwọn èèyàn dúró sí gan-an.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ilé ìwòsàn kan pín fọ́ọ̀mù fún 40 aláìsàn. Lórí ìlà "Mi ò kì í pẹ́ kí n tó rí dókítà", iye àmì láti òpó àkọ́kọ́ dé ìkarùn-ún jẹ́ 3, 5, 24, 5, 3. Lórí ìlà "Owó oògùn ibí kò ga jù", ó jẹ́ 16, 3, 2, 3, 16. Ẹ ṣírò méjèèjì: 120 ni àpapọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, ìpíndọ́gba wọn sì jẹ́ 3.0 géérégé.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò jọra rárá. Lórí ọ̀rọ̀ dókítà, àwọn tó pọ̀ jù kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Lórí owó oògùn, ńṣe ni wọ́n pín sí méjì, ẹnu àwọn méjèèjì sì le. Ẹni tó bá mọṣẹ́ kò ní dúró síbẹ̀. Yóò kó fọ́ọ̀mù àwọn 16 tó wà ní òpó àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, yóò kó ti àwọn 16 tó wà ní òpó ìkarùn-ún náà, yóò wá wo ohun tí wọ́n fi yàtọ̀. Ó lè rí i pé 14 lára àwọn ti àkọ́kọ́ wà nínú ètò adójútòfò ìlera, tí 15 lára àwọn ti ìkẹyìn sì ń fi owó àpò ara wọn ra oògùn. Ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣiṣẹ́ lé lórí nìyẹn. 3.0 kò lè fi í hàn wọ́n láéláé.

Ohun kejì ni gbólóhùn tó kọjú sódì. Ìlà kan wí pé "Nọ́ọ̀sì ibí máa ń fọ̀wọ̀ wọ̀ mí": 14, 18, 4, 3, 1. Òmíràn nísàlẹ̀ wí pé "Nọ́ọ̀sì ibí máa ń jágbe mọ́ mi": 5, 1, 4, 17, 13. Ìpíndọ́gba ìkejì jẹ́ 2.2, ẹni tó bá sì kánjú lè rò pé nǹkan kò dáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ ni ìyìn lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ní láti yí i padà: ẹ yọ 2.2 kúrò nínú 6, ó di 3.8, ó sì sún mọ́ 4.0 tí ìlà ọ̀wọ̀ ní.

Ìlà òdì yìí tún ń tú àṣírí ẹni tí kò ka ìbéèrè. Nínú àwọn 5 tó ní nọ́ọ̀sì ń jágbe gan-an, ká ní 3 fàmì sí òpó àkọ́kọ́ láti òkè délẹ̀. Wọ́n ti sọ pé nọ́ọ̀sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an, wọ́n tún ní ó ń jágbe mọ́ wọn gan-an. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tètè lọ ni. Àwọn mẹ́ta yìí náà ni gbogbo ẹni tó wà ní òpó àkọ́kọ́ ìlà dókítà, èyí tó fi hàn pé kò sí ẹni tó ka ìbéèrè tó sì fara mọ́ ọn gan-an pé òun kì í pẹ́.

Ó ku àpótí òfìfo. Tí èèyàn 8 bá fo ìlà kan, tí 16 sì fara mọ́ ọn, ìdajì àwọn tó dáhùn nìyẹn, ṣùgbọ́n ìdá 40 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni tí a bá kà á mọ́ gbogbo fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ tan èèyàn lè mú èyí tó wù ú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ irú àbájáde bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gbé ìpíndọ́gba nìkan síta. Ẹ tẹ iye tó wà nínú òpó márààrún, kí ẹ sì kọ iye ẹni tó dáhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.